PS5 tó wà nílé wa: eélòó ló ń jẹ lóṣù, iná àti dátà? (Abuja, Báńdì A)

Màmá Tóbi, Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ra PS5 àlòkù kan, òun àti ọmọ mi ọkùnrin ni wọ́n jọ ń gbá a. Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti ń sọ pé géèmù yìí ló ń jẹ tókìn wa. Ó ní kí wọ́n lọ tà á. Àwọn náà ní irọ́ ni, pé fíríìjì ni ká mú. Mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ tí mi ò mọ ìdí ẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe wá bi yín: báwo ni mo ṣe lè ṣírò iye tó ń ná wa lóṣù?

Wákàtí 3 ni wọ́n ń lò ó lọ́jọ́ iṣẹ́, tó bá di Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, ó máa ń tó 6. Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 ni wọ́n so ó mọ́. Tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ kékeré. Dátà, èmi náà ni mò ń rà á.

Káyọ̀dé Wuse

Kò le rárá, mà. Ẹ dojú PS5 náà délẹ̀, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ 350W sí i lára. Ẹ fi 100 ti tẹlifíṣọ̀n lé e, ó di 450. Wákàtí yín lóṣù á tó 114. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 1000, yúníìtì 51 àti díẹ̀ nìyẹn. Ní ₦209.50 tí àwa Báńdì A ń san, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Ọkọ yín jàre.

Oníná Lugbe

Ọ̀nà tí Káyọ̀dé gbà ṣe é tọ̀nà, nọ́ńbà tó fi bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ̀nà. 350 tó wà lára ẹ̀ yẹn, òpin agbára tí páwà inú rẹ̀ lè gbé ni. Kì í ṣe ohun tó ń fà nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. PS5 tó bá ń gbá géèmù tó wúwo máa ń fà tó nǹkan bíi 200 wáàtì. Tó bá jẹ́ géèmù ayé PS4 ni wọ́n fi sí i, tàbí tí wọ́n kàn wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ń jiyàn, kò ní tó bẹ́ẹ̀. PS4 Slim náà, 165W ni wọ́n kọ sí i, ìdajì ìyẹn ló sábà máa ń fà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi èyí tàn jẹ jù: èèyàn á rí 650W lára páwà, á ní 650 ló ń jẹ.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń méfò nígbà tí mítà wà ńlẹ̀? Lójú mítà yín, iná pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, bíi `1000 imp/kWh` tàbí `1600 imp/kWh`. Tí ó bá jẹ́ 1000, tí iná yẹn bá ṣẹ́jú nígbà 1000, yúníìtì kan ti lọ nìyẹn. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, fíríìjì àti ẹ̀rọ omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, torí àwọn yẹn máa ń dédé gbéra láàárín kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọnú ìdíje gan-an. Kí ẹnì kan dúró ti mítà pẹ̀lú fóònù tó ń ka sẹ́kọ́ńdù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí iná náà bá ṣẹ́jú, kó pè é ní òdo, kó wá máa kà títí dé 10. Lẹ́yìn náà:

```
W = 3600000 × iye_ìgbà ÷ (imp × sẹ́kọ́ńdù)
```

Tí 10 bá gba sẹ́kọ́ńdù 144 lórí mítà 1000, 250 wáàtì ló ń fà, tẹlifíṣọ̀n àti ráútà wà nínú ẹ̀. Ó kù sí yín lọ́wọ́.

Màmá Tóbi, Kubwa

Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n mítà tiwa, orí òpó ni wọ́n gbé e sí, níta. Èyí tí a ń tẹ nọ́ńbà sí ló wà nínú ilé. Mi ò ní gun òpó nítorí bọ́ọ̀lù.

Oníná Lugbe

Háà, ẹ má gùn ún o! Èyí tó wà nínú ilé náà á ṣe é. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó fi yúníìtì tó kù hàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́yìn ààmì kékeré yẹn. Ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù, kí wọ́n gbá a fún wákàtí 2, kí ẹ tún kọ ọ́. Òmíràn kì í yí nọ́ńbà náà padà lójú ẹsẹ̀, torí náà ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń fi hàn lẹ́yìn ààmì, ẹ jẹ́ kó pẹ́ ju wákàtí 2 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àṣìṣe inú ẹ̀ á pọ̀ jù. Fíríìjì tí ẹ pa, ẹ má ṣí i ní gbogbo àkókò yẹn.

Alhaja Barnawa, Kaduna

Ẹ̀yin ń dààmú ara yín. Àwa ò ní mítà rárá, bíìlì ni wọ́n máa ń mú wá fún wa. Yálà àwọn ọmọ gbá géèmù, yálà wọn ò gbá a, iye kan náà là ń san. Ọ̀fẹ́ ni géèmù nílé tiwa.

Káyọ̀dé Wuse

Alhaja, ìbéèrè Màmá Tóbi kọ́ nìyí. Àwọn ní mítà.

Oníná Lugbe

Kò burú, ohun tí wọ́n sọ ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Láti 2020 ni NERC ti fi òpin sí iye tí wọ́n lè fojú díwọ̀n fún ẹni tí kò ní mítà, ohun tí àwọn aládùúgbò tó ní mítà ń lò ni wọ́n sì fi ṣe òdiwọ̀n ẹ̀. Nítorí náà, Alhaja, wákàtí géèmù yín kò yí bíìlì yín padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò san owó epo? Ẹ ò ra dátà? Àwọn yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì gbé mítà dé, ìwà tí àwọn ọmọ ti kọ́ lásìkò bíìlì ló máa bá yín dénú ẹ̀.

Màmá Tóbi, Kubwa

Mo ti dán an wò. Ó wà ní 84.36 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó wà ní 83.86 lẹ́yìn wákàtí 2. Ooru pa wá, fáànù ò sí, ọkọ mi jókòó tì wọ́n bí adájọ́.

Oníná Lugbe

Ìdajì yúníìtì fún wákàtí 2 nìyẹn, 250 wáàtì. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ìwé tókìn tí ẹ gbà kẹ́yìn. Ẹ máa rí iye yúníìtì kan níbẹ̀, ẹ sì máa rí VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n yọ lọ́tọ̀. Káyọ̀dé gbàgbé ìyẹn. ₦209.50 pẹ̀lú VAT di ₦225.21. Wákàtí 114 yín, ní 0.25, yúníìtì 28.5 ni, ó sì wá di nǹkan bíi ₦6,420 tó bá jẹ́ pé orí iná Nẹ́pà ni wọ́n ti gbá gbogbo ẹ̀. Ẹni tó wà ní Báńdì B tàbí C á san ohun tó kéré gan-an sí èyí, kó wo ìwé tókìn tiẹ̀, kó má lo tiwa.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ẹ máa ń tan jẹnẹrétọ̀. Wákàtí mélòó nínú 114 yẹn?

Màmá Tóbi, Kubwa

Bíi 20. Epo tí mo rà kẹ́yìn, ₦950 ni lítà kan.

Bàbá Risi, Nyanya

Ibi tí mo ń dúró dè yín nìyẹn. Èmi ni mò ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò wa. Àwọn kékeré tí wọ́n ń pè ní “ai bẹ́tà pàásì mai nébọ̀” yẹn, bí ẹ fi gílóòbù kan sí i, bí ẹ fi tẹlifíṣọ̀n àti géèmù sí i, ìyàtọ̀ epo tó ń mu kò tó nǹkan. Eré kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń sá, bóyá ẹrù wà lórí ẹ̀ tàbí kò sí. Ó máa ń mu tó ìdajì lítà ní wákàtí kan. Èyí tó ti gbó, tí kábúrétọ̀ ẹ̀ dọ̀tí, á mu ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Ẹ rọ epo kún táńkì dé ẹnu, ẹ tàn án fún wákàtí 2, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Ìgò omi lítà kan ni kí ẹ wá fi rọ ọ́ padà dé ẹnu. Iye tó gbà ni iye tó mu.

Wákàtí 20 ní ìdajì lítà, lítà 10, ₦9,500. Mi ò tí ì ka ọ́ìlì tí ẹ ń pò mọ́ ọn.

Káyọ̀dé Wuse

Ẹ dúró ná. Wákàtí 94 lórí Nẹ́pà jẹ́ nǹkan bíi ₦5,290, wákàtí 20 péré lórí jẹnẹrétọ̀ wá jẹ́ ₦9,500?

Bàbá Risi, Nyanya

Ṣé mo parọ́?

Tọ́pẹ́ Gwarinpa

Ṣùgbọ́n bọ̀dá, gílóòbù àti fáànù náà wà lórí jẹnẹrétọ̀ yẹn. Ṣé géèmù ló máa ru gbogbo ẹ̀?

Bàbá Risi, Nyanya

Ìbéèrè tèmi ni pé, tí kò bá sí géèmù, ṣé wọ́n á tàn án? Tí wọ́n á bá tàn án tẹ́lẹ̀ nítorí fáànù, ẹ pín in. Tó bá jẹ́ pé nítorí ìdíje tó ku díẹ̀ kó parí ni wọ́n ṣe ń sáré lọ fa okùn, géèmù ló ni gbogbo owó epo yẹn.

Màmá Tóbi, Kubwa

Ìdíje ni. Mo mọ̀ wọ́n.

Oníná Lugbe

Ìbéèrè kan ṣì kù, mà. Yàrá wo ni wọ́n ti ń gbá a, ṣé wọ́n ń tan éè-sì?

Màmá Tóbi, Kubwa

Pálọ̀ ni. Ọ̀sán Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń tàn án, ẹ mọ oòrùn Abuja. Éè-sì ọ̀hún jẹ́ 1.5 họ́sípáwà.

Oníná Lugbe

Mo rò bẹ́ẹ̀. Tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ éè-sì bẹ́ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó ń fà tó 1,100 sí 1,200 wáàtì. Kì í ṣiṣẹ́ láìdúró, tí yàrá bá ti tutù á sinmi, nítorí náà ẹ lè ka yúníìtì 0.8 fún wákàtí kan. Lóṣù ooru bíi March, tí yàrá ò fẹ́ tutù rárá, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí 6 ní ọjọ́ 8 jẹ́ 48. Yúníìtì 38.4, nǹkan bíi ₦8,650. Ó ju iná tí PS5 àti tẹlifíṣọ̀n jẹ ní gbogbo oṣù.

Ẹni tí mítà ẹ̀ wà lára ògiri á rí i lójú kòròkòrò: lórí mítà 1000, géèmù nìkan, iná pupa yẹn ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ńdù 14, tí éè-sì bá gbéra, ó ń ṣẹ́jú tẹ̀lé ara ní sẹ́kọ́ńdù mẹ́ta mẹ́ta.

Alhaja Barnawa, Kaduna

Éè-sì kì í ṣe géèmù. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ éè-sì ka ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn.

Bàbá Risi, Nyanya

Alhaja, òfin jẹnẹrétọ̀ náà ni. Tí àwọn ọmọ ò bá sí ní pálọ̀, ta ló máa tàn án lọ́sàn-án?

Alhaja Barnawa, Kaduna

Èmi máa tàn án! Ooru ń mú àgbà náà.

Tọ́pẹ́ Gwarinpa

Ẹ jẹ́ ká fi éè-sì sílẹ̀ fún àwọn àgbà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ dátà, torí ibẹ̀ ni èmi ti ń náwó. Màmá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, eélòó lẹ ń ra gígà? Ṣé orí fóònù ni wọ́n ti ń fà á ni, àbí ẹ ní ráútà?

Màmá Tóbi, Kubwa

Ráútà ni. Mo máa ń ra gígà 20 ní ₦7,500. Oṣù mìíràn mo máa ń rà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n dín bọ́ọ̀lù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kù.

Tọ́pẹ́ Gwarinpa

₦375 ni gígà kan wá jẹ́ nìyẹn. Ẹ má bá wọn jà lórí bọ́ọ̀lù orí íńtánẹ́ẹ̀tì mà, ìyẹn kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Tí èèyàn méjì bá ń gbá bọ́ọ̀lù láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe àwòrán ló ń lọ láàárín wọn, ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan wà àti bọ́tìnnì tó tẹ̀ ni. Àwòrán náà, inú PS5 tiyín ni wọ́n ti ń yà á. Ọ̀pọ̀ géèmù bẹ́ẹ̀ kì í kọjá mégà 50 sí 150 ní wákàtí kan. Ká tilẹ̀ ní wákàtí 50 lóṣù ní mégà 100, gígà 5 péré nìyẹn, ₦1,875.

Nǹkan méjì ló ń gbé gígà lọ. Àkọ́kọ́ ni àpdéètì. Géèmù kan lè ní kẹ́ ẹ fa gígà mélòó kan wálẹ̀ kó tó ṣí, èyí tó tóbi sì lè ju gígà 100 lọ tí wọ́n bá fẹ́ fà á wálẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni YouTube. Lẹ́yìn ìdíje, wọ́n á jókòó máa wo àwọn tó ń gbá a lókè òkun. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá ní 1080p, wákàtí kan lè gba gígà kan àbọ̀. Wákàtí 20 lóṣù jẹ́ gígà 30. ₦11,250 lórí wíwò!

Káyọ̀dé Wuse

Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ń ra díìsìkì. Ẹ ra díìsìkì, mà, dátà àpdéètì ti tán.

Tọ́pẹ́ Gwarinpa

Kò tán o, bọ̀dá Káyọ̀dé. Díìsìkì dáa fún àwọn géèmù tí gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ẹ sì tún lè tà á tí ẹ bá ti gbá a sú. Àmọ́ àpdéètì lẹ́yìn ìyẹn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá. Call of Duty: Modern Warfare II ti 2022, mégà bíi 70 ló wà lórí díìsìkì PS5 ẹ̀, ìyókù dìgbà tí ẹ bá fà á wálẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ra àlòkù.

Ohun tí mo ṣe nílé tèmi ni pé mo pa àpdéètì tó ń dá wá. Ní `Settings`, ẹ lọ sí `Saved Data and Game/App Settings`, lẹ́yìn náà `Automatic Updates`, ẹ pa `Auto-Download`. Látìgbà yẹn, kò sí géèmù tó ń bù nínú dátà láìgba àṣẹ. Èyí tí a bá fẹ́ gbá nìkan là ń fà, mo sì máa ń ra dátà òru fún un, tí mi ò ní fi dátà ọ̀sán ṣòfò. Níbi YouTube náà, ẹ yí àwòrán sí 480p. Àwọn ọmọ á kùn, ṣùgbọ́n ohùn kò yí padà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó ń lọ, ẹ wọ ojú ewé ráútà yín láti orí fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ ráútà, `192.168.8.1` tàbí `192.168.0.1` ni, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí iye gígà tó ti kọjá. Ẹ dá a padà sí òdo kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ẹ̀. Fóònù gbogbo ará ilé náà wà lórí ráútà o, ẹ ní kí wọ́n pa Wi-Fi fún wákàtí yẹn.

Oníná Lugbe

Mo fara mọ́ ti Tọ́pẹ́, àyàfi dátà òru. Ní Kubwa lọ́dọ̀ wọn ńkọ́, tí Nẹ́pà bá mú iná ní aago méjì òru, tí PS5 ń kọ nǹkan sínú lọ́wọ́? Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibi ìpamọ́ ẹ̀ ṣe nígbà tó bá tún tàn. Kì í sábà bà á jẹ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Tí ẹ bá ní ínfátà, ẹ so òun àti ráútà mọ́ ọn.

Tọ́pẹ́ Gwarinpa

Tèmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó máa ń bá iṣẹ́ lọ níbi tó dúró.

Màmá Tóbi, Kubwa

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti ràn mí lọ́wọ́. Mo ti wo ráútà: ìdíje wákàtí méjì, mégà 130. Lẹ́yìn náà wọ́n wo YouTube ní wákàtí kan, gígà 1.4 lọ. Mo fi han bàbá wọn. Ó ní òun gbà pé PS5 lè dúró, ṣùgbọ́n òun ló máa mú kọ́kọ́rọ́ yàrá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́. Ti éè-sì, a ò tí ì parí ẹ̀, torí òun náà máa ń sùn ní pálọ̀ lọ́sàn-án Sátidé.

Ṣé kí n máa yọ páàgì ẹ̀ lálẹ́? Wọ́n ní ó ń jẹ iná tó bá ń sùn.

Oníná Lugbe

Ó ń jẹ ẹ́, kò tó nǹkan. Tí ẹ bá ka wáàtì 4 fún un, fún wákàtí 600 tí wọn ò gbá a, yúníìtì 2.4 ni, nǹkan bíi ₦540 lóṣù. Tí wọ́n bá pa á pátápátá dípò kí wọ́n jẹ́ kó sùn, ó tilẹ̀ dín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ nítorí iná tó máa ń wọlé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù lẹ́yìn tó bá ti lọ. Ìyẹn ló ń ba nǹkan jẹ́.

Dàńjúmà Ọmọ Ọ̀yọ́, Mararaba

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi. Ilé mẹ́rin la wà lórí mítà kan. A máa ń dá owó tókìn dọ́gba. Láti ìgbà tí mo ti ra kọ̀ǹpútà géèmù, wọ́n ní kí n máa san ìlọ́po méjì. Mo wọ̀n ọ́n, 300 wáàtì ni tí mo bá ń gbá a, nǹkan bíi wákàtí 2 lálẹ́. Yúníìtì 18 lóṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pariwo jù ní fírísà tó ń ta omi dídì.

Bàbá Risi, Nyanya

Fírísà tó ń ta omi dídì! Ẹ wọn fírísà ẹ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn.

Dàńjúmà Ọmọ Ọ̀yọ́, Mararaba

Kò gbà kí n pa iná ilé ẹ̀ láti wọ̀n ọ́n.

Oníná Lugbe

Ẹ ra mítà kékeré tó ń wà láàárín páàgì àti ihò iná fún tiyín, kí ẹ mú nọ́ńbà rẹ̀ lọ síbi ìpàdé. Ẹ sọ fún wọn pé yúníìtì 18 yẹn ni ẹ máa san lórí ìpín yín, pé kí olúkúlùkù tó ní fírísà, áyọ̀ọ̀nù tàbí sítóòfù iná mú nọ́ńbà tiẹ̀ wá. Bóyá wọ́n á gbà, mi ò mọ̀. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni, ẹ ṣáà máa bá wọn sọ ọ́.